Kíkọ ohun tí ẹnjiníà tuntun ń kọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ síta: kí la máa kọ gan-an?

Títí_Sọ́fíwíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ sọ́fíwíà ni, apá sáfà àti dátábéèsì ni mo wà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n máa kọ ohun tí mo bá kọ́ síta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí orúkọ mi lè yọ. Mo sì ń kọ ọ́: "Lọ́sẹ̀ yìí mo kọ́ nípa índẹ́ẹ̀sì," màá fi àlàyé díẹ̀ tì í, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Kí ló yẹ kí n máa kọ gan-an? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Kí ni mi ò sì gbọdọ̀ gbé síta kí n má baà kó sí wàhálà níbi iṣẹ́?

Kúnlé_Àwọ̀

Àmì ìdánimọ̀ ni kó o kọ́kọ́ ṣètò. Àwọ̀ méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú lẹ́tà kan náà níbi gbogbo, àti fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí èèyàn bá ti rí àwọ̀ yẹn, kó ti mọ̀ pé ìwọ ni.

Àgbà_Dátábéèsì

Kúnlé, ohun tó béèrè kọ́ nìyẹn. Ẹni tí sáfà rẹ̀ dákú lóru kì í wo àwọ̀.

Títí, ohun tó ń ṣe "Lọ́sẹ̀ yìí mo kọ́ nípa índẹ́ẹ̀sì" ni pé kò sí ẹni tó máa wá a. Ìwé àlàyé PostgreSQL ti sọ ohun tí índẹ́ẹ̀sì jẹ́, ó sì sọ ọ́ dáadáa ju bí èmi tàbí ìwọ ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ohun tí ìwé yẹn kò lè sọ ni ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ lọ́jọ́ náà, ohun tí o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, àti ìdí tí kò fi rí bí o ṣe rò. Ibẹ̀ ni kó o ti máa kọ.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ índẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an. Ká ní tábìlì àwọn oníbàárà wà níbi iṣẹ́, índẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó jẹ́ kí PostgreSQL tètè rí ìlà láìka gbogbo tábìlì wà lórí `email`, síbẹ̀ wíwọlé ń falẹ̀. O wá rí i pé kóòdù ń fi `lower(email)` wá oníbàárà, kí lẹ́tà ńlá àti kékeré má baà dá ìjà sílẹ̀. Índẹ́ẹ̀sì tó wà lórí `email` kò mọ ohun tó ń jẹ́ `lower(email)`, nítorí náà PostgreSQL ń ka tábìlì láti òkè délẹ̀. Ìyẹn ti tó kókó ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Má mú tábìlì ibi iṣẹ́ wá síta. Tún ọ̀rọ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, pẹ̀lú dátà tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe:

```sql
CREATE TABLE onibara AS
SELECT g AS id, 'Eni' || g || '@example.com' AS email
FROM generate_series(1, 1000000) AS g;

CREATE INDEX onibara_email_idx ON onibara (email);
ANALYZE onibara;
SET max_parallel_workers_per_gather = 0;

EXPLAIN ANALYZE
SELECT * FROM onibara
WHERE lower(email) = 'eni777777@example.com';
```

Ìlà `SET` yẹn wà níbẹ̀ kí èsì tó máa hàn fún ẹni tó ń kà lè jọ tìrẹ. Tí o bá yọ ọ́, PostgreSQL lè pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà púpọ̀, ojú èsì á wá yàtọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ á sì rò pé òun ti ṣìnà. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kú síbi báyìí: ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

`EXPLAIN ANALYZE` ń fi ọ̀nà tí PostgreSQL gbà wá ìlà náà hàn. Nínú èsì yẹn, ohun mẹ́ta ni kó o fi ìka tọ́ka sí. `Seq Scan` ń sọ pé tábìlì ni ó ń kà tán pátá. `Rows Removed by Filter: 999999` ń sọ pé ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó rí ẹyọ kan. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ó fojú bù ú pé ìlà 5000 ni òun máa rí, ìlà 1 ló sì rí.

Lẹ́yìn náà, fi àtúnṣe hàn:

```sql
CREATE INDEX onibara_email_kekere_idx ON onibara (lower(email));
```

Má wá dúró síbẹ̀. Tún `EXPLAIN ANALYZE` ṣe lójú ẹsẹ̀, wàá rí i pé ó ti ń lo índẹ́ẹ̀sì tuntun, àmọ́ ó ṣì ń rò pé ìlà 5000 ń bọ̀, ó sì máa mú `Bitmap Heap Scan`. Ṣe `ANALYZE onibara;` kó o tún un ṣe, iye yẹn á di 1, á wá mú `Index Scan`. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ rẹ dé ibí ti mọ̀ pé o wo èsì náà fínnífínní. Ohun tó ń mú orúkọ dúró nìyẹn.

Àkọlé ńkọ́? Kọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìwárí: "Ìdí tí PostgreSQL kò fi lo índẹ́ẹ̀sì orí email nígbà tí lower() wà nínú WHERE." Ó gùn, kò sóhun tó ṣe é.

Délé_Kíákíá

Àgbà, ẹ ṣeun, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Títí, èyí tí mo mọ̀ rèé. Àkọ́kọ́, máa kọ lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti jìnnà jù, wọ́n á gbàgbé ẹ. Ẹ̀kejì, gbé ohun kan náà sí gbogbo ojú-òpó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí oníkálukú ló níbi tó ń jókòó sí. Ẹ̀kẹta, má ya ohunkóhun láti ibi iṣẹ́. Tó bá sì ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ pé páásìwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sínú kóòdù tó o gbé sórí GitHub, yára pa ìlà yẹn rẹ́, kó o tún un gbé sókè. Ó ti parí.

Àgbà_Dátábéèsì

Délé, èyí tó o sọ pé kí ó má ya ohunkóhun láti ibi iṣẹ́ dára. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mi ò ní jẹ́ kó kọjá, nítorí ó lè ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́.

Git kì í gbàgbé. Tí o bá pa ìlà náà rẹ́ nínú kọ́míìtì tuntun, kọ́míìtì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, `git log -p` á sì tẹ kọ́kọ́rọ́ náà jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn kiri wá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ lórí GitHub kì í sì í sùn. Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe ni kó o sọ kọ́kọ́rọ́ náà di aláìwúlò níbi tí wọ́n ti fún ọ, kó o gba òmíràn. Ìyẹn ni kó ṣáájú ohun gbogbo. Lẹ́yìn rẹ̀ lo lè máa ronú nípa fífọ ìtàn Git mọ́ pẹ̀lú `git filter-repo`, àmọ́ tí ẹnì kan bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, fífọ yẹn kò kan ẹ̀dà tọ̀hún. Tó bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́, sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti gbígbé e síbi gbogbo, ó dára ní ààbọ̀. Jẹ́ kí ibì kan jẹ́ ilé rẹ̀, wẹ́ẹ̀bùsáìtì tìrẹ fúnra rẹ ló sàn jù. Níbi tí o bá ti ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí, sọ fún ẹ̀rọ ìwárí ibi tí ojúlówó wà. Ojúewé ẹ̀dà ló yẹ kó ní irú ìlà báyìí:

```html
<link rel="canonical" href="https://example.com/lower-email-index">
```

Àwọn ojú-òpó kan bíi dev.to ní àyè tí wọ́n pè ní `canonical_url` tí wàá fi í sí. Google kò gbà á bí àṣẹ, ìtọ́ka ló kà á sí, àmọ́ láìsí i, ẹ̀dà tó wà lójú-òpó ńlá lè máa hàn dípò tìẹ. Níbi tí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀, bíi LinkedIn, kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó sọ kókó ọ̀rọ̀, kó o fi líǹkì tì í.

Kíkọ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ka gbogbo ohun tí mo ní kó o ṣe lókè yẹn: tábìlì tuntun, èsì, àtúnṣe, àyẹ̀wò. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn lójoojúmọ́ tó sì tún fẹ́ ṣiṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún?

Délé_Kíákíá

Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, mo gbà. Ti ojoojúmọ́, mi ò gbà. Ìlà méjì lójoojúmọ́ kì í pa èèyàn.

Àgbà_Dátábéèsì

Kọ ìlà méjì náà lójoojúmọ́, àmọ́ sínú fáìlì tìrẹ ni, kì í ṣe síta. Ibẹ̀ la jọ gbà lórí ẹ̀.

Títí, bó ṣe máa rí lọ́sẹ̀ kan nìyí. Ṣí fáìlì kan, kó o má fi ohunkóhun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbàkúùgbà tí nǹkan bá dá ọ dúró ju bí o ṣe rò lọ, kọ gbólóhùn mẹ́ta sí i: mo rò pé báyìí ló máa rí; báyìí ló rí; ohun tó fà á nìyí. Má kọ orúkọ oníbàárà, orúkọ sáfà tàbí iye kankan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ sínú rẹ̀, torí lọ́jọ́ kan fáìlì yẹn á tẹ̀ lé ọ kúrò níbẹ̀. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ka gbogbo rẹ̀. Yan ẹyọ kan péré. Ìbéèrè tó máa bá ọ yàn án ni: ṣé mo lè kọ gbólóhùn kan tí ẹni tó wà nínú wàhálà yìí máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìwárí? Tí o kò bá lè kọ gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì fẹ̀ jù. Gé e sí i.

Lẹ́yìn náà, tún un ṣe nílé, kó o kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ bí 400 sí 600. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, pa tábìlì yẹn rẹ́ pátápátá, kó o máa ṣe ẹ̀dà àṣẹ kọ̀ọ̀kan jáde láti inú àkọsílẹ̀ rẹ fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti orí. Ibẹ̀ lo ti máa rí ìlà tí o gbàgbé. Nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Tó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ méjì ló wà nínú ọ̀kan.

Ohun kan tún wà: lẹ èsì mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, má lẹ fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìwárí kì í ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò dáadáa, ẹni tó ń kà kò sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fọ́tò tún máa ń tú àṣírí. Orúkọ sáfà á wà lókè, orúkọ iṣẹ́ tí ẹ kò tíì kéde á wà nínú táàbù ẹ̀gbẹ́, o kò sì ní rí i títí ẹlòmíràn á fi rí i.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀rọ

Ẹ jọ̀ọ́, ti kóòdù ni gbogbo yín ń sọ. Ẹnjiníà ẹ̀rọ ni èmi, bóòtì àti irin ni tèmi. Gbogbo àwòrán tí mò ń yà, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Tí mo bá yọ orúkọ oníbàárà kúrò lára àwòrán, ṣé mo lè gbé e síta? Àbí irú wa ò lè kọ nǹkan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni?

Fọlákẹ́_Agbanisíṣẹ́

Ìyá Ìbejì, rárá o, orúkọ oníbàárà kọ́ ni àṣírí tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n àti àyè tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín irin méjì ni àṣírí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn á sì mọ ẹ̀rọ tó jẹ́ láìka orúkọ. Ẹ má gbé e síta.

Àmọ́ ohun tí Àgbà sọ bá tiyín náà mu. Ẹ mú ìlànà tó wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹ fi iye tí ẹ mú fúnra yín ṣe é. Àpẹẹrẹ: ìwé ìlànà ní kí wọ́n fi 40 N·m di bóòtì M10, ẹnì kan wá fi òróró sí ẹsẹ̀ bóòtì kó tó dì í, ó sì fi 40 N·m kan náà dì í. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. T ni agbára tí a fi yí bóòtì, F ni ipá tó ń fa bóòtì, d ni fífẹ̀ bóòtì ní mítà, K sì ni iye tó ń sọ bí ojú irin ṣe ń yọ̀ tó:

```
T = K × F × d
Gbígbẹ:    40 = 0.20 × F × 0.010   →  F = 20 000 N
Olóróró:   40 = 0.15 × F × 0.010   →  F ≈ 26 700 N
```

Ipá tó ń fa bóòtì náà ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, àmọ́ iye tó hàn lórí sípánà kò yí padà. Kò sí àwòrán ilé iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀, ẹnjiníà ọ̀dọ́ tó bá sì kà á á máa béèrè bóyá bóòtì gbẹ tàbí kò gbẹ kó tó dì í. Ẹ kàn rí i pé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé K jẹ́ iye tí a ń fojú bù, pé ó ń yí pẹ̀lú irú òróró àti bí ojú irin ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi 0.15 yẹn ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn wà nídìí rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ẹ̀rọ

Háà! Èyí yé mi. Ó kù ọ̀rọ̀ kan: ọ̀gá mi ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún un kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Fọlákẹ́_Agbanisíṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ibi méjì ni kí ẹ wá níbẹ̀: ibi tó sọ̀rọ̀ nípa àṣírí, àti ibi tó sọ ẹni tó ni ohun tí ẹ bá ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ṣe, tàbí tí ẹ ṣe lásìkò iṣẹ́, tiwọn ni. Ìdí nìyẹn tí Àgbà fi ń pariwo kọ̀ǹpútà tìrẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ẹ má béèrè pé "ṣé mo lè kọ èyí?" lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sú u. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan nípa irú ohun tí ẹ máa kọ: ìṣirò tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, iye tí ẹ mú fúnra yín, láìdárúkọ ilé iṣẹ́.

Délé_Kíákíá

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá béèrè ni wọ́n máa ń sọ "rárá" fún. Tí kò bá sí ohun ilé iṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ló kàn wọ́n?

Fọlákẹ́_Agbanisíṣẹ́

Tó bá jẹ́ sọ́fíwíà tí gbogbo ayé ń lò, bóyá òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ oògùn, bánkì tàbí ohun ìjà, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dákẹ́. A lè má fẹnu kò lórí èyí.

Títí, jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi máa ń wò tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ bá fi líǹkì àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Mi ò kà ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Màá wá ibi tó ti sọ ohun tí kò dán wò. Nínú àpẹẹrẹ Àgbà, ẹni tó kọ "mi ò dán `citext`, irú dátà tí kì í ya lẹ́tà ńlá àti kékeré sọ́tọ̀, wò, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan," ó fi yé mi pé ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà, inú àkọsílẹ̀ yẹn ni ìbéèrè mi ti máa jáde nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí àpẹẹrẹ, màá béèrè pé: níbo ni 5000 yẹn ti wá?

Títí_Sọ́fíwíà

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti wá? Mo ti dán an wò, 5000 náà ló fún èmi.

Àgbà_Dátábéèsì

PostgreSQL ní àkójọ nípa `email`, kò ní nípa `lower(email)`. Nígbà tí kò bá mọ iye oríṣi tó wà, 200 ló máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀. Mílíọ̀nù kan tí a pín sọ́nà 200, 5000 nìyẹn. Tí índẹ́ẹ̀sì orí `lower(email)` bá ti wà tí o sì ṣe `ANALYZE`, ó ti ní àkójọ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi di 1.

Tí o bá mọ èyí, fi gbólóhùn kan kún àkọsílẹ̀. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, má gbé e síta kó o tó wádìí rẹ̀, nítorí ohun tó wà ní gbangba ni wọ́n máa fi dán ọ wò. Tó bá jẹ́ àtúnṣe ibi iṣẹ́ gan-an lo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, kìlọ̀ fún òǹkàwé pé `CREATE INDEX` lásán máa dá kíkọ sínú tábìlì dúró títí yóò fi parí. `CREATE INDEX CONCURRENTLY` kì í dá a dúró, àmọ́ kò ṣeé ṣe nínú tírànsákíṣọ̀n, tó bá sì já láàárín ọ̀nà, á fi índẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ `INVALID` sílẹ̀ tí wàá gbọ́dọ̀ pa rẹ́. Ìkìlọ̀ yìí nìkan lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní ju gbogbo ìyókù lọ.

Kúnlé_Àwọ̀

Ó dáa, mo ti gbà pé àwọ̀ kọ́. Báwo wá ni ó ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Iye àwọn tó tẹ̀ lé e?

Àgbà_Dátábéèsì

Iye yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ìbéèrè tí wọ́n bá béèrè lábẹ́ rẹ̀ ni kó máa wò. "Ó dára gan-an" kò sọ nǹkan kan. "Mo ṣe é lórí tábìlì tó ní `varchar`, èsì mi yàtọ̀" túmọ̀ sí pé ẹnì kan lò ó. Tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá jẹ́ tìrẹ, so ó mọ́ Google Search Console. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ojúewé rẹ tó yọ sí wọn hàn. Tí ojúewé kan bá ń yọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kò sì ṣí i, àkọlé rẹ̀ ni kó o tún kọ. Tí wọ́n bá ń tẹ ìbéèrè tí o kò dáhùn, kókó ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Tí ẹnì kan bá sọ pé o ṣi nǹkan kan kọ, dán an wò. Tó bá jẹ́ òótọ́, kọ àtúnṣe sí òkè ojúewé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kó o sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Má fọwọ́ rọra pa á rẹ́, ẹni tó ti ka ti àtijọ́ nílò láti mọ̀.

Títí_Sọ́fíwíà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ bá mi wo èyí. Fáìlì mi ní ọ̀rọ̀ kan nípa dátì nínú JavaScript. Àkọlé tí mo ní lọ́kàn ni "Ìṣòro dátì nínú JavaScript àti bí a ṣe ń yanjú rẹ̀." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọjọ́ tí oníbàárà yàn ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí mi ò rí nǹkan kọ ńkọ́?

Àgbà_Dátábéèsì

Àkọlé yẹn lè di odindi ìwé. Ọ̀rọ̀ tìẹ kéré, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kọ: "Ìdí tí new Date("2024-05-10") fi ń fi ọjọ́ 9 hàn." Má fi sílẹ̀ fún òǹkàwé kó máa wá agbègbè àkókò rẹ kiri, fi í sínú àṣẹ náà:

```
TZ=America/New_York node -e 'console.log(new Date("2024-05-10").getDate())'
TZ=America/New_York node -e 'console.log(new Date("2024-05-10T00:00").getDate())'
```

Ti àkọ́kọ́ á fún un ní 9, ti kejì á fún un ní 10. JavaScript ń ka ọjọ́ tí kò ní wákàtí sí àkókò UTC, ó sì ń ka èyí tó ní wákàtí sí àkókò ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Nígbà tí ọjọ́ 10 bẹ̀rẹ̀ ní UTC, alẹ́ ọjọ́ 9 ni New York ṣì wà. Fi èyí sí ìlà àkọ́kọ́, má jẹ́ kí òǹkàwé rìn jìnnà kó tó rí i. Kó o sì sọ pé ibi tí àkókò rẹ̀ bá wà lẹ́yìn UTC nìkan ni àṣìṣe yìí ti ń hàn, torí ẹni tó bá yọ `TZ` kúrò tó sì dán an wò níbi tí àkókò ti ṣáájú UTC á rí 10 méjèèjì, á sì sọ pé irọ́ lo ń pa.

Ọ̀sẹ̀ tí o kò bá rí nǹkan kọ, padà sí ti àtijọ́. Ṣe àṣẹ inú rẹ̀ lórí ẹ̀dà tuntun sọ́fíwíà náà, kó o kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí o fi dán an wò àti ọjọ́ rẹ̀ sí i.

Délé_Kíákíá

Títí, tó o bá ti gbé ti dátì yẹn síta, fi líǹkì rẹ̀ síbí. Tèmi ń ṣe irú ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kan ṣáájú ni ó ń fi hàn, kì í ṣe sẹ́yìn.

Àgbà_Dátábéèsì

Délé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé `getUTCDate()` lẹ ń pè nígbà tí alẹ́ ti lẹ́, níbi tí àkókò wà lẹ́yìn UTC. Fi kóòdù rẹ̀ hàn.